Bí ayálégbé ṣe ń gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onílé kó tó fi bọ́gílárì sí fèrèsé tàbí kun ilé

Irin fèrèsé mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀ sí ilé tí mo gbé ṣáájú èyí, ní apá Ajílóṣùn ní Adó-Èkìtì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé wọn. Owó mi ni mo fi ṣe wọ́n, èmi ni mo pe wẹ́dà, bàbá onílé sì jókòó tì wá lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé wọn sára ògiri. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni, "Ẹ ṣe é jàre, ilé yín náà ni." Ọdún méjì lẹ́yìn náà, bàbá ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ l'Ékòó, ọmọkùnrin wọn kan ló ń bójú tó ilé. Lọ́jọ́ tí mo ń kó ẹrù, ó na ìka sí fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin ilé nìyẹn o." Mo ní bàbá mọ̀ sí i. Ó ní, níbo ni bàbá kọ ọ́ sí? Mi ò rí èsì fọ̀, mo gun ọkọ̀ ẹrù lọ.

Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni "ẹ ṣe é" dáhùn. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nílẹ̀: ṣé mo lè fi irin síbẹ̀, ta ló ni irin náà lẹ́yìn tó ti wọ ara ògiri, àti báwo ni ògiri yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ. Ìwé tó dáhùn èyí àkọ́kọ́ nìkan kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí mo ṣe ṣe é nílé tí mo wà báyìí, ní Adébáyọ̀, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ ka ìwé ilé yín ná

Ẹ wá ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ gbalé jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni lọ́yà sábà máa ń fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì kà á kọjá ibi tí wọ́n kọ iye owó sí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa àyípadà àti àfikún. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé ayálégbé kò gbọdọ̀ yí nǹkan padà lára ilé, kò gbọdọ̀ fi nǹkan kún un, àfi tí onílé bá kọ́kọ́ yọ̀ǹda ní kíkọ. "Kọ́kọ́" àti "ní kíkọ" ni kí ẹ fojú sí. Ẹni tó ti gbé irin kọ́ tán kó tó lọ bá onílé, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, kì í ṣe ìyọ̀ǹda ló ń gbà.

Àwọn àdéhùn kan fi kún un pé onílé kò gbọdọ̀ kọ̀ láìnídìí. Bí ẹ bá rí gbólóhùn yẹn, ó dára fún yín, nítorí onílé ní láti sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹ sì lè wá ojútùú sí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè kọ̀ kó má sì sọ ìdí. Àwọn míì kò ní àdéhùn kankan, rìsíìtì owó ilé nìkan ni wọ́n ní. Kí àwọn náà tọrọ ìwé yìí, nítorí òfin kan wà tí kò dúró de àdéhùn kó tó ṣiṣẹ́.

Òfin náà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, Nàìjíríà sì jogún rẹ̀: ohun tí a bá kàn mọ́ ilẹ̀ tàbí ilé ti di ara ilé, olówó ilé ló ni ín. Ilé-ẹjọ́ máa ń wo bí nǹkan náà ṣe lẹ̀ mọ́ ilé tó, wọ́n sì máa ń wo ìdí tí wọ́n fi í síbẹ̀. Fáànù tí ẹ gbé kalẹ̀ sí páálọ̀, tiyín ni. Irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọnú ògiri tí sìmẹ́ǹtì sì bò ó, ti ilé ni. Òótọ́ ni pé òfin fún ayálégbé láyè láti tú ohun tó fi sílé fún ìlò tàbí ẹwà, bí títú náà kò bá ba ògiri jẹ́ púpọ̀, tó sì tú u kó tó jọ̀wọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba lọ́yà torí irin mẹ́ta? Owó tí lọ́yà máa kọ́kọ́ gbà ti ju owó irin lọ.

Ta ló ní ẹnu láti yọ̀ǹda?

Ọ̀pọ̀ ilé l'Adó ni olówó rẹ̀ wà l'Ékòó, l'Ábújá tàbí lókè òkun, kiatékà ló ń gba owó. Kiatékà lè bá yín gba lẹ́tà, ó lè bá yín fi jíṣẹ́, ṣùgbọ́n àṣẹ láti gba owó ilé yàtọ̀ sí àṣẹ láti gbà kí wọ́n lu ògiri. Àyàfi tí onílé bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kiatékà lè fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọwọ́ onílé gan-an ni kí ẹ wá.

Èyí tó le jù ni ilé tí onílé ti kú. Bí ilé-ẹjọ́ bá ti fún àwọn kan níwèé àṣẹ láti ṣàkóso ogún, àwọn ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí. Bí wọn ò bá tíì gba ìwé, ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn ọmọ tó jẹ́ àgbà fọwọ́ sí i pọ̀. Bí ọmọ kan bá dá fọwọ́ sí i, àwọn yòókù ni yóò bá yín jà sí i.

Irin: ẹ mọ bí ẹ ṣe fẹ́ gbé e kọ́ kí ẹ tó béèrè

Onílé tí ẹ bá sọ fún pé ẹ fẹ́ fi bọ́gílárì sí fèrèsé, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni ògiri tó lanu. Ó sì tọ̀nà. Nítorí náà ẹ mú wẹ́dà wá wo fèrèsé kí ẹ tó kọ lẹ́tà, kí ẹ lè kọ ohun tó dájú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbé e kọ́. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí wẹ́dà jó ẹsẹ̀ irin mọ́ férémù, kí bíríkìlà gbẹ́ ihò sára ògiri, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ náà sínú rẹ̀, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ó lágbára gan-an, ṣùgbọ́n kò ṣeé tú láìfọ́ ògiri. Bí bíríkìlà bá sì lu ògiri ju bó ti yẹ lọ, ẹ óò rí ojú sísán tín-ín-rín tó ń ti igun fèrèsé lọ sókè ní ìdágẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ìsàlẹ̀ fèrèsé, tí wọn ò sì dí i dáadáa, òjò àkọ́kọ́ tó bá fi atẹ́gùn rọ̀ ni yóò fi hàn: ọ̀dà inú ilé máa wú lábẹ́ fèrèsé. Òkè fèrèsé ni kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ rárá, nítorí irin líńtẹ̀lì tó gbé búlọ́ọ̀kù òkè dúró wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni bóòtù, òun ni mo yàn. Wẹ́dà á ṣe férémù tó lè wọ ihò fèrèsé láti inú ilé, á lu ihò méjì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Wọ́n á fi dírílì lu ògiri, wọ́n á wá fi bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò dè é mọ́lẹ̀. Bóòtù mẹ́rin ni fèrèsé kan. Fèrèsé méjì tí mo ní jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin, aluminíọ̀mù tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ihò mẹ́jọ péré ni ògiri gbà. Ihò mẹ́jọ tí sìmẹ́ǹtì díẹ̀ àti ọ̀dà lè dí pátápátá! Gbólóhùn yìí ló rọ ọkàn bàbá onílé jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ.

Bóòtù náà ní àléébù tirẹ̀. Bó bá sún mọ́ etí ògiri jù, bí ẹ bá ń dè é ni etí náà á máa ya. Ẹ wọn ibi tó ṣẹ́kù láàárín férémù aluminíọ̀mù àti etí ògiri inú ilé. Nílé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án kọ́, àyè sábà máa ń wà. Nílé oní-ínṣì mẹ́fà, ó lè ṣẹ́ku ínṣì méjì péré, kò sì tó. Ohun tí a ń ṣe nígbà náà ni pé kí férémù fẹ̀ ju ihò fèrèsé lọ, kó sùn lé ojú ògiri láti inú, kí bóòtù wọ ibi tó jìnnà sí etí. Búlọ́ọ̀kù wa níhò nínú, nítorí náà ẹ fi òòlù kékeré kan ògiri kí ẹ tó lu ú. Ibi tó bá dún gbọ̀ọ̀ngbọ̀ọ̀ngbọ̀ọ̀n, ihò ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bóòtù kò ní dúró níbẹ̀. Ibi tó bá dún kì-kì ni kí ẹ lò.

Ẹ óò bi mí pé bí èmi bá lè tú bóòtù, olè ńkọ́? Ó lè fọ́ gíláàsì kó na ọwọ́ wọlé pẹ̀lú sípánà. Ìdí nìyẹn tí wẹ́dà fi máa ń fi iná kan orí bóòtù díẹ̀ mọ́ férémù tó bá ti dè é tán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha irin ló máa gé e, kì í pẹ́.

Irin oní-mílímítà 12 ni mo ní kí wọ́n lò, àlàfo àárín wọn kò ju ínṣì mẹ́rin lọ. Ẹ ní kí wẹ́dà fi ọ̀dà pupa, èyí tó ń dènà ìpẹtà, pa gbogbo ojú ibi tó jó kó tó fi gílọ́ọ̀sì lé e. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ óò rí omi pupa tó ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri, ẹ̀yin ni onílé yóò sì ní kí ẹ kun ún.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Bọ́gílárì tó ń lé olè síta ló ń há yín mọ́lé tí iná bá ń jó. Fèrèsé yàrá kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ ní irin tó ń ṣí bí ìlẹ̀kùn, pẹ̀lú àgádágodo láti inú. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń so lórí ìṣó níbi tí ọwọ́ ọmọdé ilé lè tó, tí ọwọ́ ẹni tó dúró síta kò lè tó. Ẹ kọ èyí náà sínú lẹ́tà.

Ọ̀dà

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà kò gùn tó ti irin, ṣùgbọ́n onílé kì í fẹ́ gbọ́ nípa àwọ̀ tó dúdú àti ọ̀dà tó ní òróró. Wọ́n ní ìdí. Ògiri tí ẹ bá kùn ní àwọ̀ aró tàbí ewé dúdú, ó lè gba ìkunkun mẹ́ta kó tó padà di funfun bí mílíìkì. Gílọ́ọ̀sì lára ògiri wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ímọ́ṣọ̀n tí ẹni tó ń bọ̀ bá fi lé e lórí láìha á máa ṣí bí awọ àlùbọ́sà. Ẹ ta omi sí ògiri tí ẹ bá lára báyìí. Bó bá ṣàn lọ láìwọlé, gílọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sánpépà ha á. Bí ẹ bá sì rí iyọ̀ funfun nídìí ògiri, omi ló ń gòkè láti ilẹ̀. Ọ̀dà kọ́ ni oògùn rẹ̀, onílé ló yẹ kó tún un ṣe, ẹ má fi owó yín bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ ṣírò ọ̀dà kí ẹ lè kọ ọ́. Páálọ̀ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, gíga rẹ̀ jẹ́ 10. Bí a bá yọ ìlẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó ṣẹ́ku bíi mítà alábàádọ́gba 40. Lítà ímọ́ṣọ̀n kan máa ń kun bíi méje sí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìkunkun méjì gba lítà 10 sí 12. Bọ́kẹ́tì lítà 20 kan tó, ó sì ṣẹ́kù, mo sì ń tọ́jú ìyókù fún ihò bóòtù lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti kùn. Ògiri tí òjò ti rin kì í gba ọ̀dà.

Lẹ́tà náà

Ohun tí mo kọ nìyí, mo yọ orúkọ kúrò. Ojú ìwé kan ni:

*Bàbá wa ọ̀wọ́n,*

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún. Mo ń fi lẹ́tà yìí tọrọ ìyọ̀ǹda yín láti ṣe ohun méjì.*

*Èkíní: kí n fi irin sí fèrèsé páálọ̀ kan àti fèrèsé yàrá kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti inú ilé la máa fi bóòtù mẹ́rin mẹ́rin dè wọ́n, a kò ní gbẹ́ ògiri. Ti yàrá yóò máa ṣí láti inú nítorí iná.*

*Èkejì: kí n fi ímọ́ṣọ̀n kun ògiri páálọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọ̀ tí mo fẹ́ ni búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí ni mílíìkì.*

*Èmi ni n ó san gbogbo owó rẹ̀, mi ò sì ní yọ ọ́ nínú owó ilé. Bí iṣẹ́ náà bá ba nǹkan jẹ́, èmi ni n ó tún un ṣe.*

*Irin méjèèjì jẹ́ tèmi. Bí mo bá ń lọ, n ó tú wọn kí n tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, n ó dí ihò, n ó sì kun páálọ̀ padà sí mílíìkì. Bí ẹ bá fẹ́ kí irin dúró, a ó jọ kọ iye tí ẹ máa san sílẹ̀ kí n tó lọ.*

*Bí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ yín sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ déètì.*

Ẹ wo ìpínrọ̀ tó sọ nípa lílọ. Òun ni mi ò ní ní Ajílóṣùn. Àwọn ènìyàn ń tijú láti kọ ọ́, bí ẹni pé wọ́n ti fẹ́ kó jáde. Ẹ má tijú.

Bí onílé bá ní òun fẹ́ kí irin dúró, ẹ má fi iye rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ ìkẹyìn. Ká ní irin méjèèjì ná yín ní ₦90,000. Ẹ lè jọ gbà pé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ń lọ lọ́dọọdún: bí ẹ bá lọ lẹ́yìn ọdún kan, onílé á san ₦60,000, lẹ́yìn ọdún méjì, ₦30,000, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, irin di tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ so àdàkọ rìsíìtì wẹ́dà mọ́ ọn.

Fífi lẹ́tà jíṣẹ́

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì, ọ̀kan fún onílé, ọ̀kan fún yín, kí ó fọwọ́ sí méjèèjì. Ẹ má fi rán ọmọdé, ẹ má sì tì í sábẹ́ ìlẹ̀kùn. Mo lọ bá bàbá lọ́jọ́ Sátidé, mo kí wọn, mo fẹnu sọ ọ̀rọ̀ tán kí n tó fa ìwé yọ. Ojú wọn yí padà díẹ̀.

"Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ èmi pẹ̀lú yín nìkan ni, ẹnu yín tó mi. Ẹni tó máa wà níbí lọ́jọ́ tí n bá ń kó ẹrù ni mo kọ ọ́ fún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn mú awò wá.

Bí onílé bá wà lókèèrè, ẹ ya àwòrán lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, kí òun náà tẹ̀ ẹ́, kó fọwọ́ sí i, kó ya àwòrán rẹ̀ padà. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gba irú ẹ̀rí inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé-ẹjọ́, bó tilẹ̀ ní àwọn ìwé tó gbọ́dọ̀ bá a rìn. Nítorí náà ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú fóònù yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣì wá ìwé gidi tí onílé bá wálé fún ọdún. Bí onílé kò bá dáhùn rárá, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹ rán an létí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má pe wẹ́dà.

Kí wẹ́dà tó lu ihò àkọ́kọ́, ẹ ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fèrèsé kọ̀ọ̀kan àti ògiri páálọ̀. Bí ojú sísán bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi han onílé lọ́jọ́ náà, nítorí tó bá di ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Bàbá fara balẹ̀ ka tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbà lórí irin, wọn ò fi nǹkan kan kún un. Ìgbà tí wọ́n dé orí ọ̀dà, wọ́n fi bírò fa ìlà gba orí "búlúù fẹ́ẹ́rẹ́", wọ́n kọ "mílíìkì ni kó jẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí etí ibi tí wọ́n fà náà nínú àdàkọ méjèèjì. Mílíìkì ni páálọ̀ mi títí di òní.